Adìyẹ mi ń kú, oògùn wo ló dára?

Abíkẹ́ Ìwó
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Adìyẹ mi ń kú. Mo ti lo oògùn, kò ṣiṣẹ́. Oògùn wo ló dára? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ọmọ Ọlọ́jà
Tẹtirasáílìnì ni. Ẹ bù ú sínú omi wọn fún ọjọ́ márùn-ún, kí ẹ fi fítámìnì tì í lẹ́yìn. Òun ni ọ̀pọ̀ oníbàárà wa ń rà, wọn kì í sì í padà wá ṣàròyé.

Bọ̀dé Ògbómọ̀ṣọ́
Lúkúlúkú ni. Ó ti gbá adìyẹ agboolé mẹ́ta lọ ní àdúgbò wa lọ́sẹ̀ yìí. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Ẹ ya àwọn tó ṣẹ́kù sọ́tọ̀, kí ẹ sì fún wọn ní àjẹsára Lasóta lónìí.

Ìyá Léyà
Ẹ kú iṣẹ́ o. Tèmi ò kú ní tiwọn, wọn ò kàn yé ẹyin bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ ni. Ṣé àrùn kan náà ni? Ṣé tẹtirasáílìnì yẹn á dá ẹyin wọn padà?

Àgbà Ẹran
Ẹ kú àárọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bá àwọn dókítà ẹran ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, irú ìbéèrè báyìí ni wọ́n sì máa ń gbé wá lójoojúmọ́.

Kò sí ẹni tó parọ́ nínú àwọn tó ti dáhùn. Tẹtirasáílìnì ń wo àwọn àrùn kan lára adìyẹ. Lúkúlúkú ń pa adìyẹ, kò sì ní oògùn lóòótọ́. Àmọ́ adìyẹ àdúgbò rẹ̀ ni Bọ̀dé ń rò, ti àwọn oníbàárà ni Ọmọ Ọlọ́jà ń rò. Kò tíì sí ẹni tó rò ó dé orí adìyẹ Abíkẹ́, nítorí kò sí ohun kan nínú ìbéèrè rẹ̀ tó yà wọ́n sọ́tọ̀ sí adìyẹ ẹlòmíràn. Ohun tí kò sọ ni olúkálukú fi ìrírí tirẹ̀ dí. Bí mo bá dáhùn báyìí, èmi náà á kàn sọ àrùn tí mo rí kẹ́yìn ni.

Abíkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ àwọn nǹkan wọ̀nyí fún wa. Màá sọ ìdí tí mo fi ń bèèrè wọn, kí ẹ má baà rò pé mo kàn ń da ìbéèrè bò yín.

Ọjọ́ orí wọn ni àkọ́kọ́. Òròmọdìyẹ tó kú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo máa ń kọ́kọ́ fura sí òtútù, ìdodo tí kò jiná, tàbí èéfín èédú nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà, àrùn Gọ́mbórò àti kọ́kísí ni mo kọ́kọ́ ń rò. Léyà tó ti ń yé ẹyin, ọ̀nà mìíràn ni tirẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọjọ́ orí nìkan, ìdajì àwọn ohun tí à ń rò ti kúrò nílẹ̀.

Èkejì, mélòó ni wọ́n jẹ́ lápapọ̀, mélòó ló sì kú lójoojúmọ́ láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀? Kì í ṣe àròpọ̀ nìkan o. Gọ́mbórò máa ń gòkè kíákíá, ó máa ń le jù ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, kó tó wálẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ikú bá dédé wá ní òru kan ṣoṣo, tí gbogbo rẹ̀ sì dáwọ́ dúró, ooru, májèlé tàbí ẹranko tó wọlé ni mo kọ́kọ́ ń wá.

Ẹ̀kẹta, báwo ni ìgbẹ́ wọn ṣe rí? Ṣé ó funfun tó sì ṣàn bí omi, ṣé ó dà bí ewé tútù, àbí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀? Ṣé wọ́n ń mí gúlegúle, ṣé ọrùn wọn ń lọ́? Àti oògùn tí ẹ ní ẹ ti lò: kí lorúkọ rẹ̀, báwo lẹ ṣe pò ó?

Bọ̀dé Ògbómọ̀ṣọ́
Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín o. Àmọ́ adìyẹ ń kú lọ́wọ́ èèyàn, ẹ wá gbé ìdánwò lé e lọ́wọ́. Bí ẹni tuntun bá rí gbogbo èyí, á kàn bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Kò ha yẹ ká kọ́kọ́ ràn án lọ́wọ́?

Àgbà Ẹran
Ọ̀rọ̀ rẹ ní ìtumọ̀, Bọ̀dé. Àwọn nǹkan kan wà tó dára fún un lónìí láìwo irú àrùn tó jẹ́. Kó kó àwọn tó ń ṣàìsàn kúrò láàárín àwọn tó kù. Kó kó òkú jáde kíákíá, kó má sun ún sínú ọgbà. Kó fọ ìmumi, kó gbé omi tútù tó mọ́ síwájú wọn. Bí ibì kan nílẹ̀ bá tutù, kó kó lẹ́búlẹ́bú pákó ibẹ̀ kúrò, kó da gbígbẹ sí i. Kò sí èyí tó lè ṣe wọ́n níbi.

Ṣùgbọ́n oògùn kò sí nínú èyí tí mo lè sọ láìmọ̀. Lasóta tí o ní kó fún wọn, adìyẹ tára rẹ̀ le ni wọ́n ń fún. Kò ń wo èyí tó ti kó àrùn, ìnira ni yóò tún kún un. Bí kò bá sì jẹ́ lúkúlúkú, a ti fi ọjọ́ kan ṣòfò, ọjọ́ kan sì lè jẹ́ adìyẹ mẹ́wàá.

Ìyá Léyà, mo rí tiyín. Àìyé ẹyin kì í ṣe ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ dúró díẹ̀, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Abíkẹ́ Ìwó
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti kó àwọn tó ń ṣàìsàn sínú àkámọ́ kan báyìí. Bróílà ni wọ́n, mo rà wọ́n ní ọmọ ọjọ́ kan, wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àti ọjọ́ díẹ̀. Igba ni mo rà. Mẹ́tàlélógún ti kú. Ìgbẹ́ wọn ní ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ká ara wọn kò, ìyẹ́ wọn wú, ogbe orí wọn sì funfun. Ọrùn wọn kò lọ́, wọ́n ń mí dáadáa.

Ampirólíọ̀mù ni oògùn tí mo lò. Ẹni tó tà á ní ti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ni. Ọjọ́ kẹta rèé, wọ́n ṣì ń kú.

Ọmọ Ọlọ́jà
Ó ti yé wa nìyẹn. Bó bá jẹ́ kọ́kísí ni, ampirólíọ̀mù ìbá ti mú un. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá tí kò mú un, a jẹ́ pé kì í ṣe kọ́kísí. Gọ́mbórò ni, kò sóhun tẹ́ ẹ lè ṣe ju kẹ́ ẹ máa fún wọn ní fítámìnì lọ. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà.

Àgbà Ẹran
Ọmọ Ọlọ́jà, mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi gbólóhùn yẹn, torí àwọn tó ti mọ nǹkan díẹ̀ ló máa ń ṣì í. "Mo lo oògùn, kò ṣiṣẹ́" kì í ṣe ẹ̀rí pé àrùn náà kọ́ ni, àfi bí a bá mọ̀ pé oògùn náà wọ inú adìyẹ ní ìwọ̀n tó yẹ. Ẹ jẹ́ ká bi í.

Abíkẹ́, ẹ kú iṣẹ́, èyí tẹ́ ẹ kọ yìí ti gbé wa jìnnà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, pẹ̀lú ogbe tó funfun, kọ́kísí ni mo kọ́kọ́ gbé síwájú. Mo ní kó síwájú ni o, mi ò tíì ní òun ni. Ó ku èyí tí yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀:

Ìdá mélòó ni wọ́n kọ sára páálí oògùn náà? Omi lítà mélòó lẹ bù ú sí, pẹ̀lú ìwọ̀n wo? Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́ lẹ ń pò ó? Kí ni ohun mìíràn tẹ́ ẹ bù sínú omi kan náà? Ǹjẹ́ wọ́n ń rí omi mìíràn mu yàtọ̀ sí èyí tí oògùn wà nínú rẹ̀? Ẹ tún sọ ohun tó yí padà nínú ilé wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn: oúnjẹ, òjò, ilẹ̀, èèyàn tó wá kí yín. Iye tó kú lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan náà ṣì ṣe pàtàkì.

Àjọkẹ́ Abẹ́òkúta
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n fi ti fọ́tò kún un. Ìmọ̀ ìṣègùn ẹran ni mò ń kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́, ẹ má ya gbogbo ilé adìyẹ láti ẹnu ọ̀nà, kò sí ohun tí a lè rí níbẹ̀. Òkú adìyẹ tó dùbúlẹ̀, bákan náà ló rí nínú gbogbo àrùn. Ìgbẹ́ tútù ni kí ẹ yà, láti òkè, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Iná gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè máa ń sọ ìgbẹ́ funfun di aláwọ̀ mìíràn. Ẹ tún ya ara páálí oògùn níbi tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí, ìyẹn á gbà yín lọ́wọ́ kíkọ.

Abíkẹ́ Ìwó
Mo ti wò ó dáadáa. 20% ni wọ́n kọ sára páálí. Báàkẹ́ẹ̀tì lítà 20 ni mo ń lò, ṣíbí tíì kan ni mò ń bù sí i, ẹ̀ẹ̀kan láràárọ̀. Bí omi náà bá tán, mo máa ń da omi lásán sí i títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Mo bu fítámìnì sínú rẹ̀ pẹ̀lú kí wọ́n lè lágbára, fítámìnì oríṣiríṣi tó ní Bí nínú ni, ibi tí mo ti ra oògùn náà ni wọ́n ti sọ fún mi.

Ti ohun tó yí padà: òjò ńlá rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òrùlé sì jò ní igun kan. Omi dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà àti ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ibẹ̀ kò tíì gbẹ tán títí dòní. Mo rí wọn tí wọ́n ń ṣá omi mu níbẹ̀. Mi ò kà á sí nǹkan kan. Ọjọ́rú ni ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Méjì kú lọ́jọ́ náà, mẹ́fà ní Ọjọ́bọ̀, méje lánàá, mẹ́jọ láàárọ̀ òní tí í ṣe Sátidé. Oúnjẹ ilé iṣẹ́ ni mò ń fún wọn, mi ò yí i padà. Mo fún wọn ní àjẹsára Gọ́mbórò ní ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta, mo fún wọn ní Lasóta náà.

Àgbà Ẹran
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi sùúrù tú u.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí òjò. Ẹyin kòkòrò kọ́kísí ti wà nínú ìgbẹ́ nílẹ̀ ilé adìyẹ tí ẹran ti gbé rí, kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ́ tónítóní tó. Gbígbẹ ilẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ó lágbára. Bí ilẹ̀ bá tutù tó sì móoru, ọjọ́ kan sí méjì ti tó fún ẹyin náà láti pọ́n. Adìyẹ á ṣá a jẹ. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, kòkòrò náà á ya ògiri ìfun, ẹ̀jẹ̀ á sì jáde. Òjò yín rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀jẹ̀ jáde ní Ọjọ́rú. Ọjọ́ mẹ́fà ni. Ó bá a mu gan-an. Bí ẹ ò bá sọ ọjọ́ òjò, mi ò ní mọ èyí láéláé, ẹ ò sì ní kà á mọ́ ara ohun tó jẹ mọ́ àìsàn.

Ó wá kan oògùn. Bí wọ́n bá kọ 20% sára lẹ́búlẹ́bú ampirólíọ̀mù, ìwọ̀n tí a ń lò nígbà tí àrùn bá ti wọ̀ wọ́n lára ni nǹkan bíi gíráàmù 1.2 sí lítà omi kan. Fún lítà 20, gíráàmù 24 nìyẹn. Ṣíbí tíì kan kì í sábà ju gíráàmù 5 lọ. Nítorí náà, ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó yẹ ni wọ́n ń rí, nínú báàkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ nìkan. Igba bróílà tó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lè mu tó lítà 40 lójúmọ́, bí oòrùn bá mú, wọ́n á mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdajì ohun tí wọ́n mu jẹ́ omi lásán, ká má tíì sọ èyí tí wọ́n ń mu ní igun òrùlé.

Èyí tó burú jù ni fítámìnì. Bí ampirólíọ̀mù ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ó jọ fítámìnì Bí kìn-ín-ní, kòkòrò náà á gbé e mì dípò fítámìnì gidi, ebi rẹ̀ á sì pa á. Bí a bá wá bu fítámìnì Bí sínú omi kan náà, kòkòrò la ń bọ́. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ pò ó pọ̀ kò ní èrò burúkú, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá rí i, Ọmọ Ọlọ́jà. Oògùn náà kò tíì dé ibi tí yóò ti jà. A ò lè fi ìyẹn sọ pé kì í ṣe kọ́kísí.

Ọmọ Ọlọ́jà
Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Èmi náà máa ń tà wọ́n pọ̀, màá yé ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mi ò tíì gbà tán. Gọ́mbórò náà ń mú wọn ní ọjọ́ orí yẹn, àjẹsára sì lè má mú dáadáa.

Àgbà Ẹran
Òtítọ́ lo sọ. Ọjọ́ orí kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ìgbẹ́ Gọ́mbórò sábà máa ń funfun, ó sì máa ń ṣàn. Èyí tó ní ẹ̀jẹ̀ fa ọkàn mi sí ọ̀dọ̀ kọ́kísí. Ṣùgbọ́n inú òkú ni ẹ̀rí tó lágbára jù wà.

Abíkẹ́, bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ mú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú láàárọ̀ yìí. Ẹ kó ọ̀rá sọ́wọ́ méjèèjì, ẹ gbé e lọ sí ibi tó jìnnà sí àwọn alààyè. Ẹ dá a délẹ̀, ẹ la ikùn rẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé ìfun títí dé ibi tí ìfun kékeré ti parí. Ẹ ó rí àpò gígùn méjì níbẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí ìdí wọn dí. Bó bá jẹ́ kọ́kísí tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ni, wọ́n á wú, wọ́n á pọ́n dúdú, ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì ni ẹ ó rí nínú wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ bó awọ itan àti ti àyà, kí ẹ wo ẹran ibẹ̀. Bó bá jẹ́ Gọ́mbórò, ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń tò lára ẹran itan. Kókó kékeré tó wà lókè ihò ìdí, nínú, á sì wú. Ẹ ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ jìnnàjìnnà.

Ẹni tó bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe la òkú bí adìyẹ bá ń kú púpọ̀ lójijì lọ́jọ́ kan, tí orí wọn wú tàbí tí wọn kò lè mí. Fúlú adìyẹ wọ orílẹ̀-èdè yìí ní 2006, ó sì lè ran èèyàn. Dókítà ẹran ìjọba ni kí ẹ pè.

Abíkẹ́ Ìwó
Mo la méjì. Ọwọ́ mi gbọ̀n o, àmọ́ mo ṣe é. Àpò méjèèjì tẹ́ ẹ sọ yẹn pọ́n dúdú nínú àwọn méjèèjì, wọ́n wú bí ìka mi. Nígbà tí mo là á, ẹ̀jẹ̀ dídì ló kún inú rẹ̀. Ẹran itan mọ́ nínú àkọ́kọ́. Nínú èkejì, mo rí ààmì pupa kéékèèké bíi mẹ́ta sí mẹ́rin lára itan. Mo ti fi fọ́tò sí i.

Àjọkẹ́ Abẹ́òkúta
Fọ́tò yìí hàn kedere. Àpò yẹn fi kọ́kísí hàn láìsí àríyànjiyàn. Ààmì ara itan ni kò dá mi lójú. Bí adìyẹ bá ja kí ó tó kú, tàbí tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ Gọ́mbórò díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, nítorí Gọ́mbórò máa ń ba ohun tó ń gbèjà ara jẹ́, kọ́kísí á wá gun orí ẹ̀. Ẹ ò bá gbé òkú kan lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí ti Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta níbí, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Inú yìnyín ni kẹ́ ẹ gbé e sí, ẹ má jẹ́ kó dì.

Mo tún fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan: báwo ni àjẹsára Gọ́mbórò yẹn ṣe dé ọwọ́ yín? Ṣé yìnyín wà lára rẹ̀? Ṣé omi ẹ̀rọ tó ní kilorín-ìn lẹ pò ó mọ́?

Abíkẹ́ Ìwó
Yìnyín wà lára ti àkọ́kọ́. Èkejì, ọ̀rá lásán ni ọlọ́kadà gbé e wá nínú. Omi kànga ni mo lò.

Àgbà Ẹran
A ò lè yanjú ti Gọ́mbórò láti ibí, àyẹ̀wò ni yóò sọ. Ẹ má dúró dè é. Kọ́kísí ti hàn, ó sì ní oògùn.

Ohun tí màá ṣe nìyí. Ẹ kó gbogbo lẹ́búlẹ́bú pákó igun tó tutù jáde, títí dé ilẹ̀, ẹ da gbígbẹ sí i, ẹ dí òrùlé lónìí. Bí ẹ ò bá dí i, òjò tó ń bọ̀ á dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ yọ fítámìnì kúrò pátápátá. Ẹ pò ampirólíọ̀mù bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí tiyín, kí ẹ fi òṣùwọ̀n gíráàmù wọ̀n ọ́n. Oníwúrà tàbí oníkéèkì tó wà nítòsí yín á ní èyí tó kéré. Gbogbo omi tí wọ́n bá mu fún ọjọ́ márùn-ún ni kí oògùn wà nínú rẹ̀, kì í ṣe báàkẹ́ẹ̀tì àárọ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ kan. Fítámìnì lè padà wọlé nígbà tí oògùn bá parí. Fítámìnì Kéé ni èyí tí mo lè fọwọ́ sí láàárín, torí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń dà nù, bí ẹ bá rí èyí tí kò ní Bí nínú.

Àwọn tó ti ń ṣàìsàn gan-an kò ní lè rìn dé ibi omi. Ẹ gbé ìmumi kékeré sún mọ́ wọn. Àwọn kan nínú wọn á ṣì kú lọ́la àti lọ́tùn-únla, nítorí ìfun wọn ti bàjẹ́. Ìyẹn kọ́ ni yóò sọ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Ẹ máa wo ìgbẹ́ àwọn tó kù: bí ẹ̀jẹ̀ tuntun kò bá dínkù lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, ẹ padà wá.

Bọ̀dé Ògbómọ̀ṣọ́
Bàbá, oògùn sọ́lífà ńkọ́? Wọ́n ní ó yára ju ampirólíọ̀mù lọ.

Àgbà Ẹran
Ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ó máa ń le fún kíndìnrín wọn, pàápàá bí omi bá ti tán lára wọn, àwọn tó ń ṣu ẹ̀jẹ̀ sì ni omi ń tán lára wọn. Dókítà mìíràn lè bá mi jiyàn lórí èyí, ó ní ìdí tirẹ̀. Èmi kì í fi í bẹ̀rẹ̀.

Abíkẹ́ Ìwó
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo wọ̀n ọ́n lọ́dọ̀ oníkéèkì. Mẹ́fà kú ní Sọ́ńdè, mẹ́rin ní Mọ́ńdè, ọ̀kan lánàá, òní kò tíì sí. Ẹ̀jẹ̀ ti dínkù gan-an, igun kan ṣoṣo ni mo ti rí i láàárọ̀. Wọ́n ti ń jẹun padà. Mo gbé òkú kan lọ sí Ìbàdàn, wọn ò tíì fèsì. Ìbéèrè mi kan ṣì wà: oúnjẹ ilé iṣẹ́ tí mò ń fún wọn, ṣé kò yẹ kí oògùn kọ́kísí ti wà nínú rẹ̀?

Àgbà Ẹran
Inú mi dùn. Ti oúnjẹ, ó yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ẹ wo ara àpò, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ bó bá wà. Èyí tó wà nínú oúnjẹ, ìdènà ló wà fún. Bí ilẹ̀ bá rin gbingbin bí tiyín ṣe rí, ó lè bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i lára àpò, ẹ pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀. Kí ẹ tó tà wọ́n, ẹ ka iye ọjọ́ tí páálí oògùn ní kẹ́ ẹ dúró.

Ìyá Léyà
Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún tèmi bi. Léyà 300, wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ 38. Kíréètì mẹ́jọ ààbọ̀ ni mò ń kó lójúmọ́ títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó wá ń dínkù díẹ̀díẹ̀, mẹ́fà ni mo kó lánàá. Kò sí èyí tó kú. Wọ́n ń jẹun bí ti tẹ́lẹ̀, ìgbẹ́ wọn dára. Mi ò yí oúnjẹ padà. Mi ò fún wọn ní oògùn kankan. Ohun kan ṣoṣo tí mo rántí ni pé iná mànàmáná kò dúró mọ́ ní àdúgbò wa láti bí oṣù kan.

Àgbà Ẹran
Ẹ ṣé o. Mo yọ tẹtirasáílìnì kúrò nínú tiyín lójú ẹsẹ̀. Adìyẹ tó ń jẹun tí ìgbẹ́ rẹ̀ dára, tí kò sì kú, iná ni mo kọ́kọ́ wò. Ojúmọ́ tiwa níbí kò ju nǹkan bíi wákàtí méjìlá lọ, léyà sì ń fẹ́ tó mẹ́rìnlá sí mẹ́rìndínlógún kó tó yé dáadáa. Gílóòbù ló ń fi ìyókù kún un fún yín tẹ́lẹ̀. Àmọ́ kòkòrò inú ìfun tàbí àìtó kálísíọ̀mù ṣì lè wà níbẹ̀. Ṣé èèpo ẹyin wọn yí padà? Ṣé ó fẹ́lẹ́, àbí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá? Ìgbà wo lẹ fún wọn ní oògùn aràn kẹ́yìn?

Ìyá Léyà
Èèpo rẹ̀ le, àwọ̀ kò yí. Oògùn aràn, ó ti tó oṣù mẹ́rin. Màá ra gílóòbù onísóólà lónìí, màá sì máa kọ iye ẹyin sílẹ̀ lójoojúmọ́. Màá sọ bó ṣe rí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí n tó fọwọ́ kan oògùn aràn.